Ìtàn Ẹbí Di Fíìmù Kékeré: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Gbígba Àṣẹ àti Fífi Àròsọ Kún Òótọ́

Ní ọdún 2022, mo ṣe fíìmù oníṣẹ́jú 14 kan láti inú ìtàn ìdílé ìyá mi. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Bàbá àgbà mi ń ta aṣọ ní Kùmásì, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí ìyá mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n wọn méjì sí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò nílẹ̀ náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá àgbà kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta sínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n gba Tógò àti Dàhòmì kọjá wálé. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sọ nílé wa ni pé ọmọ kẹrin wà ní Kùmásì, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin tí obìnrin Àṣáńtì kan bí fún bàbá àgbà. Ọmọ náà kò sí nínú ọkọ̀.

Láti ìgbà tí fíìmù náà ti jáde, àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣe irú rẹ̀ máa ń bi mí ní ìbéèrè tó jọra. Mo kó ìdáhùn mi jọ síbí. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Níbi tí mo bá ti dárúkọ òfin, òfin Nàìjíríà ni mò ń sọ.

Ìtàn ìdílé mi ni. Kí ló dé tí mo tún fi ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?

Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ohun ìní ẹnì kankan. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ló ni ìròyìn pé wọ́n lé Yorùbá kúrò ní Kùmásì, tàbí pé bàbá kan fi ọmọ sílẹ̀. Ohun tí òfin fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ lé lórí ni ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe: lẹ́tà tó kọ, ìwé ìrántí rẹ̀, fọ́tò tó yà. Bí o bá gbọ́ ìtàn lẹ́nu ìyá rẹ, tí o sì fi ọ̀rọ̀ tìrẹ kọ ìwé eré, ìwọ lo ni ìwé eré náà.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé rẹ̀ àti lẹ́tà rẹ̀. Ẹni tó wà láàyè, tí àwọn ènìyàn dá mọ̀ nínú fíìmù rẹ, sì lè gbé ọ lọ sí kóòtù pé o bá òun lórúkọ jẹ́. Ká tilẹ̀ gbé òfin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìtàn ìdílé mi kì í ṣe ìtàn ẹyọ kan ṣoṣo. Fún ìyá mi, ìtàn ìrìn àjò ni. Fún ìyá àgbà, ìtàn ìyàwó tí wọ́n fi nǹkan pamọ́ fún ni. Fún àǹtí mi tó wà ní Kùmásì, ìtàn ọmọ tí wọn kò padà wá mú ni. Ti ìyá mi nìkan ni mo jogún. Àwọn méjì yòókù, àfi kí n lọ béèrè.

Àwọn wo gan-an ni kí n béèrè lọ́wọ́ wọn?

Má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ àwọn ẹbí, torí ẹni tó bá ń pariwo jù lọ ni orúkọ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ lọ́kàn. Orí ìran ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ìran méje ni fíìmù mi ní. Mo kọ ìkọ̀ọ̀kan sórí ìwé tirẹ̀, mo sì kọ ìbéèrè kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: bí ará àdúgbò wa kan bá wo ibí yìí, ta ni yóò sọ pé òun mọ̀? Ìbéèrè yìí gbòòrò ju "ta ló wà nínú ìran" lọ. Nínú ìran tí bàbá onílé ti ra ẹrù wa ní ẹ̀dínwó, bàbá onílé ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn ṣì ń gbé ilé yẹn ní Kùmásì. Ojú wọn ni àwọn aládùúgbò yóò máa wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti olórí ẹbí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í. Àbúrò bàbá àgbà ni olórí ẹbí wa. Mo gbé ọtí àti obì lọ, wọ́n pe ìpàdé, wọ́n súre fún mi, gbogbo ilé ṣe àmín. Mo rò pé mo ti gba àṣẹ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin wà ní ìpàdé yẹn, wọn kò sọ nǹkan kan, mo sì ka ìdákẹ́jẹ́ wọn kún ìfọwọ́sí. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún mi pé àwọn kò fẹ́. Ó tọ́ kí o kọ́kọ́ lọ kí olórí ẹbí, ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń wá ìjà. Ṣùgbọ́n sọ fún wọn níbẹ̀ pé o kàn wá fi tó wọn létí ni, àti pé olúkúlùkù ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn fún ìran tó kàn án. Bàbá wa gbà bẹ́ẹ̀ wẹ́rẹ́ nígbà tí mo padà lọ ṣàlàyé.

Lẹ́yìn olórí ẹbí, ẹni tí ìtàn náà lè ba ayé rẹ̀ jẹ́ jù lọ ni kí o lọ bá. Nínú ìtàn tiwa, àǹtí mi ní Kùmásì ni. Bí àǹtí bá kọ̀, kò sí fíìmù, kò sì sí ìdí fún mi láti da ìyá àgbà láàmú.

Báwo ni mo ṣe máa béèrè tí kò fi ní jẹ́ pé ìtìjú tàbí ìfẹ́ ló mú wọn gbà?

Mo sọ fún ìyá àgbà pé, "Màmá, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Kùmásì ṣe eré." Wọ́n ní, "Ṣe é, ọmọ mi, Ọlọ́run á tì ọ́ lẹ́yìn." Àdúrà nìyẹn. Ìyá kan kì í gbọ́ pé ọmọ ọmọ òun fẹ́ ṣiṣẹ́ kó má ṣàdúrà. Wọn kò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe.

Mo padà lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán, nígbà tí kò sí ẹlòmíràn nílé. Mo jókòó tì wọ́n níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí, mo sì ń ro ìran fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pa àlọ́. Nígbà tí mo dé ìran kẹrin, níbi tí ìyàwó ti gbọ́ pé ọkọ òun ní ọmọ níta, ọwọ́ wọn dúró.

"Ìyẹn náà á wà níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, bí ẹ bá gbà."

"Ta ló máa ṣe èmi?"

Mo sọ irú ọmọbìnrin tí òṣèré náà jẹ́ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Bó o bá ní kó máa sunkún, má ṣe é. Mi ò sunkún. Ẹrù ni mò ń dì."

Inú ìwé eré mi, ẹkún ni mo kọ síbẹ̀. Gbólóhùn yẹn ló sọ ìran kẹrin di ohun tó jẹ́: obìnrin kan tó ń ká aṣọ, tó ń ká aṣọ, tí kò wo ẹ̀yìn. Èmi kì bá tí rí i bí kì í bá ṣe pé mo lọ béèrè.

Ó kéré tán, lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà àkọ́kọ́, sọ pé o fẹ́ ṣe é. Nígbà kejì, ro ó ní ìran kọ̀ọ̀kan. Nígbà kẹta, má ro ohunkóhun. Ní kí àwọn náà sọ ohun tí wọ́n gbọ́ fún ọ. Ibẹ̀ ni o ó ti mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n gbà ni ohun tí o fẹ́ ṣe. Má ṣe lọ ní ọjọ́ ìnáwó, má sì ṣe lọ ní ọjọ́ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ra oògùn fún wọn. Kí o sì mọ bí àgbà Yorùbá ṣe ń kọ̀ láì sọ pé rárá: "a ó máa wò ó", "jẹ́ kí n rò ó fún ẹ̀gbọ́n mi ná", "ṣé o ti jẹun?" Bí o bá gbọ́ irú rẹ̀ nígbà méjì, gbà pé wọ́n ti kọ̀, kí o sì tú wọn sílẹ̀ lẹ́nu ara rẹ pé kò sí ohun tó burú bí wọn kò bá fẹ́.

Ṣé ìwé pọn dandan? Kí ló yẹ kó wà nínú rẹ̀?

Ó pọn dandan. Àwọn tó ń ṣètò àjọ̀dún fíìmù àti ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lè béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n fún mi, ìwúlò rẹ̀ ni pé ó fi ipá mú èmi fúnra mi láti sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe láì fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ìwé ojú kan tó. Ohun tí ìyá àgbà fọwọ́ sí nìyí, mo yọ orúkọ kúrò:

"Mo gbà kí ọmọ ọmọ mi lo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Kùmásì ní ọdún 1969 nínú fíìmù kékeré kan. Ó ti ro ìran kejì, ìkẹrin àti ìkarùn-ún fún mi. Mo mọ̀ pé òṣèré ni yóò ṣe mí, wọn kò sì ní pe orúkọ mi. Mo mọ̀ pé wọ́n lè gé ìtàn kúrú, wọ́n sì lè fi nǹkan kún un, ṣùgbọ́n wọn kò ní fi ìwà burúkú tí èmi kò hù sí mi lọ́wọ́. Mo lè yí ọkàn padà títí di ọjọ́ tí wọ́n bá parí gígé àwòrán. Wọ́n lè fi fíìmù yìí hàn ní àjọ̀dún, ní ilé ìwé àti lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ìtàn ayé mi yòókù ṣì jẹ́ tèmi."

Gbólóhùn méjì níbẹ̀ ló ń fa ìbéèrè. Àkọ́kọ́ ni ti yíyí ọkàn padà. Bí o kò bá fi ọjọ́ sí i, ẹ̀rù yóò máa bà ọ́ títí ayé. Bí o kò bá sì fún wọn láyè rárá, àṣẹ tí o gbà kò nípọn. Ọjọ́ tí a bá parí gígé àwòrán ni mo yàn nítorí pé títí di ìgbà náà, yíyọ ìran kan kúrò kò gbà ju iṣẹ́ ẹ̀dítọ̀ lọ. Kọ ọjọ́ náà gan-an síbẹ̀ nígbà tí o bá ti mọ̀ ọ́n, kí o sì pè wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ìkejì ni gbólóhùn ìkẹyìn. Àwọn ìwé kan tí mo rí tí ilé iṣẹ́ ń lò máa ń gba gbogbo ìtàn ayé ènìyàn títí láé. Fún fíìmù oníṣẹ́jú 14, kí lo fẹ́ fi gbogbo ayé ìyá àgbà ṣe?

Ka ìwé náà sókè ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé, kí o sì gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dáhùn. Àǹtí mi kò gbọ́ Yorùbá. Olùkọ́ kan túmọ̀ tiwọn sí Twi, mo sì ní kí ẹlòmíràn tí kò rí ìwé Yorùbá túmọ̀ Twi náà padà fún mi. Ibẹ̀ ni a ti rí i pé ọ̀rọ̀ tí a lò fún "fíìmù" ti fẹ́ jọ ìròyìn, bí ẹni pé a fẹ́ gbé àǹtí fúnra wọn síwájú kámẹ́rà. A tún un ṣe kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Bí ẹnì kan bá kọ̀ ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin kọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n nígbà náà, àwọn ni bàbá àgbà máa ń rán gbé oúnjẹ lọ sí ilé kejì. Wọ́n mọ àṣírí yẹn ṣáájú ìyá wọn, wọn kò sì sọ. Wọ́n sọ fún mi pé, "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ọwọ́ òsì wo lo tún fẹ́ fi tèmi júwe?" Mo fẹ́ràn ipa ọmọkùnrin náà ju gbogbo ìwé eré lọ. Òun ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n sọ ọmọkùnrin náà di obìnrin. Kò lè ṣiṣẹ́. Ọmọ mẹ́ta péré ló wà nínú ọkọ̀ yẹn, gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ tó mọ̀ wá ló mọ̀ wọ́n. Bí mo bá gbé ohun tí ẹ̀gbọ́n ṣe fún ìyá mi tàbí fún àǹtí àgbà, irọ́ ni mo pa mọ́ àwọn, mo sì tún lo àṣírí ẹni tó ní kí n má lò ó. Nítorí náà mo yọ ọmọ tó mọ àṣírí náà kúrò pátápátá. Nínú fíìmù, ọmọ méjì ló wà nínú ọkọ̀, kò sì sí ọmọ tó mọ nǹkan kan. Ìyàwó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nígbà tí ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ní alẹ́ ìkẹyìn. Ìyẹn ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ìyá àgbà ló sọ ọ́ fún mi, mo kàn kò tíì rí àyè fún un nígbà tí ọmọkùnrin náà fi kún gbogbo ojú ewé.

Bí ẹni tó kọ̀ bá jẹ́ ẹni tí ìtàn náà kò lè dúró láìsí òun, fi ìtàn náà sílẹ̀. Mo ti fi ọ̀kan sílẹ̀ rí.

Àwọn tó ti kú ńkọ́?

Ní ti ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ ní kóòtù fún owó gbà-má-bínú, ẹ̀tọ́ yẹn máa ń bá olóògbé lọ. Àwọn ọmọ kò lè pe ẹjọ́ nítorí orúkọ bàbá wọn nìkan. Ṣùgbọ́n bí ohun tí o sọ nípa òkú bá kan alààyè, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Bí mo bá fi hàn pé ìyá àǹtí mi jẹ́ aṣẹ́wó, àǹtí mi tó wà láàyè ni mo pè ní ọmọ àlè.

Lẹ́tà ni kí o ṣọ́ra fún. Bàbá àgbà kọ lẹ́tà méjì sí Kùmásì lẹ́yìn tí wọ́n délé, àǹtí mi sì tọ́jú wọn. Ọwọ́ àǹtí ni ìwé wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó kọ ọ́ àti àwọn àrólé rẹ̀, títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní òfin wa. Kí n tó lè jẹ́ kí òṣèré ka ìlà mẹ́ta péré, àwọn ọmọ bàbá àgbà ní láti fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò fọwọ́ sí i. A kò ka lẹ́tà kankan nínú fíìmù náà.

Àyípadà wo ni mo lè ṣe láì bi ẹnikẹ́ni, èwo ló ń fa wàhálà?

Àkókò àti ọ̀nà, máa yí wọn. Ìrìn àjò wọn gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, ọkọ̀ bàjẹ́, wọ́n sùn ní bodè. Èmi kò ní owó bodè, n kò sì ní owó ọkọ̀ tó bàjẹ́. Mo fi gbogbo rẹ̀ sínú alẹ́ kan ṣoṣo, alẹ́ tí wọ́n ń di ẹrù, ọkọ̀ sì gbéra ní ìdájí. Kò sẹ́ni tó bínú. Èdè tí wọ́n sọ, aṣọ tí wọ́n wọ̀, ohun tí wọ́n jẹ, ọ̀rọ̀ tí ẹnì kankan kò rántí mọ́, gbogbo ìyẹn jẹ́ iṣẹ́ òǹkọ̀wé.

Dída ènìyàn méjì pọ̀ di ẹyọ kan ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Mo kọ́kọ́ da bàbá onílé pọ̀ mọ́ aládùúgbò kan tó ran wa lọ́wọ́. Ní ìwé eré, ó dára: ọkùnrin kan tó ń tàn wá jẹ ní òwúrọ̀, tó ń bá wa gbé ẹrù ní alẹ́. Àmọ́ nígbà tí o bá da ènìyàn méjì pọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀kan ń lọ sórí èkejì. Àwọn ọmọ aládùúgbò yẹn yóò rí bàbá wọn tó ń ra ẹrù olójú ẹkún ní ẹ̀dínwó. Mo tú wọn ká. Àwọn aládùúgbò rere méjì ni mo wá dà pọ̀.

Èyí tó dùn mí jù lọ ni ti ìlẹ̀kẹ̀. Ìyá àgbà ta iyùn wọn láti fi san owó ọkọ̀. Òótọ́ nìyẹn. Wọn kò rántí ẹni tó rà á. Eré nílò ojú kan, ni mo bá kọ ọ́ pé àbúrò wọn obìnrin ló rà á ní owó pọ́ọ́kú, tí kò sì dá a padà. Mo rò pé àròsọ ni, nítorí náà n kò kọ orúkọ wọn sórí ìwé ìran náà, n kò sì lọ bá wọn. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fi àwòrán tí kò tíì parí han díẹ̀ nínú ẹbí, ọmọ màmá yẹn kan dìde, ó ní, "Ṣé bí màmá mi ṣe ṣe nìyẹn? Kò sẹ́ni tó sọ fún wa rí." Ó gbà á gbọ́. Ìyá àgbà kò ní ju àbúrò obìnrin kan lọ ní Kùmásì, kò sì sí bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ṣe lè rò pé ẹlòmíràn ni.

Ohun tó jẹ́ òótọ́ nínú fíìmù náà ló jẹ́ kí irọ́ náà wọlé. Ọkọ̀ jẹ́ òótọ́, iyùn jẹ́ òótọ́, àbúrò wà lóòótọ́. Ta ni yóò mọ ibi tí mo ti dá a sílẹ̀? Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún màmá yẹn. A tún ya ìran náà fún odidi ọjọ́ kan: ọwọ́ oníṣòwò kan ló ń ka owó, a kò rí ojú rẹ̀. Láti ìgbà náà, òfin tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni pé bí mo bá fẹ́ fi ìwà kan tí kò hù sọ́wọ́ ẹni tí wọ́n lè dá mọ̀, pàápàá ìwà tó burú, mo gbọ́dọ̀ lọ bá a gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa lọ bí ó bá jẹ́ òótọ́. Ó tilẹ̀ yẹ kí n yára lọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ohun tó ṣe, ó ti mọ̀ pé òun ṣe é.

Bí mo bá yí orúkọ padà, ṣé kò tó?

Kò tó. Ní ọdún 1932, ilé iṣẹ́ fíìmù kan ní Amẹ́ríkà ṣe fíìmù nípa Rasputin ará Rọ́ṣíà, wọ́n fi ọmọbìnrin ìdílé ọba kan sí i tí Rasputin bá lò pọ̀. Natasha ni wọ́n pè é. Irina Yusupov, tó wà láàyè nígbà náà, tí ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó pa Rasputin, lọ sí kóòtù ní Lọ́ńdọ̀nù pé òun ni wọ́n ń sọ. Orúkọ yàtọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n dá a mọ̀. Ní ọdún 1934 wọ́n dá a láre, owó tí wọ́n ní kí wọ́n san fún un jẹ́ 25,000 pọ́n-ùn. Lẹ́yìn ẹjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ "àròsọ ni gbogbo àwọn ènìyàn inú eré yìí" di ohun tí a ń rí nínú fíìmù káàkiri. Kíkọ ọ́ síbẹ̀ nìkan kò sì lè gbà ọ́.

Láàárín àwa Yorùbá, orúkọ ni ó kéré jù nínú ohun tí a fi ń dá ènìyàn mọ̀. Ilà ojú, oríkì, iṣẹ́, àdúgbò, iye ọmọ, ohùn. Mo yí orúkọ gbogbo ènìyàn padà, mo sì gbàgbé oríkì bàbá àgbà sẹ́nu òṣèré. Ẹni tó ṣe ohùn fún fíìmù náà, tí kì í ṣe ẹbí wa, ló gbọ́ ọ, tó ní, "Ìdílé báyìí-báyìí ni, àbí?" A lo oríkì ìdílé mìíràn? Rárá, ẹni ẹlẹ́ni nìyẹn náà. A yọ ọ́.

Ṣé ó wà nínú ohun tí kò yẹ kí n yí padà rárá?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ìlú. Ẹbí lè fún ọ ní àṣẹ lórí tiwọn, wọn kò lè fún ọ ní àṣẹ lórí 1969. Ẹni tó ń bá wa ṣètò ohun èlò gbé báàgì Gáná-mọ́sì-gò alálà pupa àti búlúù wá sí ojú iṣẹ́. Ọdún 1983 ni báàgì yẹn gba orúkọ, nígbà tí ìjọba Ṣàgàrí lé àwọn ará Gánà kúrò ní Nàìjíríà. Àwa kọ́ ni wọ́n lé nígbà yẹn, àwa la lé wọn. Bí a bá fi sínú fíìmù 1969, ìyà àwọn ẹlòmíràn ni a gbé wọ ara wa. Àpótí irin, àpò ìdọ̀họ àti abọ́ tánganran la lò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pé Nàìjíríà ṣì ń ná pọ́n-ùn nígbà náà, náírà kò dé títí di 1973. Apá òsì ni ọkọ̀ ń gbà nígbà náà ní Gánà àti ní Nàìjíríà. Dàhòmì sì ni orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí.

Kí ni kí n kọ sí ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù?

Má kọ "ìtàn òótọ́ ni." Ọmọ mẹ́ta ló wà nínú ọkọ̀, méjì ni mo fi hàn. Ohun tí mo kọ nìyí: "A gbé eré yìí ka orí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìdílé kan ní Kùmásì ní oṣù kọkànlá ọdún 1969. A ti yí àwọn ènìyàn àti ìṣẹ̀lẹ̀ kan padà, àwọn kan sì jẹ́ àròsọ." Mo fi í sí ìparí, níbi tí ènìyàn yóò ti kà á lẹ́yìn tó ti gba ìtàn náà gbọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan gbà pé ìbẹ̀rẹ̀ ló yẹ, ó ní ìdí tirẹ̀.

Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ wò ó, ìgbà wo sì ni?

Àwọn tó fọwọ́ sí ìwé, ṣáájú ọjọ́ tí o parí gígé àwòrán, ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Sọ fún wọn ṣáájú pé ohun tí wọ́n lè béèrè ni kí o tún ohun tó lòdì sí àdéhùn ṣe, àti kí o gbọ́ ohun yòówù tí wọ́n bá fẹ́ sọ. Ó yàtọ̀ sí pé kí wọ́n máa darí fíìmù. Bí o kò bá là á sílẹ̀, àbúrò ọkọ àǹtí yóò ní kí o fi orin kún un.

Ìyá àgbà wo tiwọn lórí tẹlifíṣọ̀n ní yàrá wọn. Wọ́n wo obìnrin tó ń ká aṣọ, wọ́n ní, "Kì í ká a dáadáa." Wọn kò sọ nǹkan mìíràn, wọ́n ní kí n tún un gbé sí i.

Àǹtí wo tiwọn ní Kùmásì lórí fóònù, olùkọ́ tó túmọ̀ ìwé jókòó tì wọ́n, èmi náà wà lórí Wọ́tsáàpù. Ìran keje ni ọkọ̀ ń lọ, tí ọmọbìnrin kékeré dúró lẹ́bàá ọ̀nà tó ń juwọ́. Mo ti ro ìran náà fún wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n ní kí olùkọ́ dá a dúró. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀ ní Twi, olùkọ́ sì túmọ̀ rẹ̀: "Mi ò juwọ́. Mo ń sùn. Nígbà tí mo jí, wọ́n ti lọ."

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí n yọ ọ́. Wọ́n ní kò lòdì sí àdéhùn, ọmọ náà rẹwà, bí mo bá fẹ́ kí n fi sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù kí a parí. A gé ìjuwọ́ náà kúrò, a sì ya àwòrán tuntun kan ní yàrá kan ní Ìbàdàn: ẹní, aṣọ ìbora, ẹsẹ̀ ọmọ kékeré tó yọ jáde lábẹ́ rẹ̀, àti ariwo ọkọ̀ tó ń jìnnà lọ níta.